Fọ́tò Tó Ń Dá Áàpù Dúró

Akọ̀wé ilé ìwòsàn kan kọ̀wé sí àwọn tó ṣe áàpù àkọsílẹ̀ wọn: “Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ti fi fọ́tò aláìsàn sí i, gbogbo rẹ̀ á dúró gbagidi.” Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìtóbi fọ́tò ló fà á. Fọ́tò fóònù tó fẹ̀ tó 4000 lọ́nà 3000 lè má ju mẹ́gábáìtì 4 lọ, ṣùgbọ́n bí áàpù bá tú u láti fi hàn, ó lè gba àyè mẹ́gábáìtì 48. Ẹ dín fọ́tò náà kù sí 800 lọ́nà 600, kí ẹ tún un gbìyànjú. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́, ìtóbi ni. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú irú fóònù yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú aláìsàn kún un. Fọ́tò ògiri ti tó.