Kí Lo Fẹ́ Ṣe Tí O Bá Dé? Bí A Ṣe Ń Parí Ìwé Àlàyé fún Ẹ̀kọ́ Òkè Òkun

Ẹni tó bá ń wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sí òkè òkun máa ń kọ ìwé àlàyé nípa ara rẹ̀: iṣẹ́ tó ti ṣe, ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ àti ìdí tó fi fẹ́ kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ọ́ dáadáa títí kan ìpínrọ̀ ìkẹyìn. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti wá sọ pé: "Tí mo bá parí, n ó padà wálé wá sin orílẹ̀-èdè mi, n ó sì di aṣáájú nídìí iṣẹ́ mi." Kò sí irọ́ ńbẹ̀, àmọ́ nọ́ọ̀sì lè kọ ọ́, lọ́yà náà sì lè kọ ọ́. Ẹni tó ń ka ìwé náà kò tíì mọ ohun tí owó òun máa bá lọ.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń wá gan-an nìyẹn. Ẹ wo Chevening, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n máa ń béèrè ètò tí èèyàn ní fún iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, àdéhùn wọn sì ni pé ẹni tó bá jẹ àǹfààní náà gbọ́dọ̀ padà sílé, kó lo ọdún méjì, ó kéré tán. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù lòun ti máa wáṣẹ́ ti fọwọ́ ara rẹ̀ já ìwé náà. Ẹni tó bá sì kàn ní "n ó padà" kò tíì sọ ohun tó fẹ́ fi ọdún méjì náà ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà ìgbàlódé ní Òkè-Ògùn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Láàárín ìwé rẹ̀, ó ti ṣàlàyé bí èèpo ẹ̀gẹ́ ṣe ń gọ jọ sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, tó ń jẹrà, tó ń rùn, tí omi rẹ̀ sì ń ṣàn lọ sódò. Ó mọ̀ pé àwọn onímọ̀ nípa ohun ọ̀sìn ní Ìbàdàn ti fi hàn pé tí wọ́n bá rin èèpo náà, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n kù ú, tí wọ́n sì sá a, ó lè di oúnjẹ ẹran láàárín ọjọ́ kan tí oòrùn bá mú. Ìgbà òjò ni wàhálà wà, torí èèpo tí kò bá tètè gbẹ máa ń bu. Báyìí ló ṣe lè parí ìwé rẹ̀:

"Òkè-Ògùn ni mo ń padà sí, sídìí iṣẹ́ mi. Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, èmi àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tó ń yan gàrí máa dán ẹ̀rọ kékeré kan wò, tí yóò máa mú èèpo gbẹ nígbà òjò. A ó ṣírò bóyá owó tó ń tìdí oúnjẹ ẹran wọlé ju owó igi ìdáná lọ. Tó bá jèrè, n ó kọ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ yòókù ní Òkè-Ògùn. Nígbà tó bá yá, mo fẹ́ wà lára àwọn tí yóò kọ ìlànà ìmọ́tótó fún ibùdó gàrí ní ìpínlẹ̀ wa."

Ẹ wò ó bó ṣe tò ó. Ohun tó sún mọ́ ló ṣe kedere jù: ibi tó wà, àwọn tó kàn, àkókò rẹ̀ àti bí èèyàn ṣe máa mọ̀ bóyá ó yọrí sí rere. Èyí tó jìnnà kò gùn, torí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ọdún mẹ́wàá sí i. "Tó bá jèrè" tó sọ yẹn kò bu ìwé náà kù. Ó fi hàn pé ó mọ̀ pé ìdánwò lòun fẹ́ ṣe.

Àṣejù wà níbẹ̀ o. Ẹni tó kọ ọ́ pé òun máa dá ilé iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta dárúkọ iye lóòótọ́, àmọ́ kò sọ ibi tí owó ti máa wá, ẹni tó ń kà á kò sì ní gbà á gbọ́. Bákan náà ni ohun tí a kò mẹ́nu kàn rárá láti ìbẹ̀rẹ̀, tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú nínú ìpínrọ̀ ìkẹyìn. Ká ní èèpo ẹ̀gẹ́ kò tíì sí láàárín ìwé ọmọbìnrin yìí, ńṣe ni ẹ̀rọ rẹ̀ ì bá dà bí àlá. Ẹ̀kọ́ tó fẹ́ lọ kọ́ náà gbọ́dọ̀ bá a mu: tí ilé ẹ̀kọ́ náà kò bá kọ́ni nípa bí a ṣe ń mú ohun oko gbẹ, a jẹ́ pé ibòmíì ló yẹ kó lọ.

Kí ẹ tó fi tiyín ránṣẹ́, ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ iṣẹ́ yín ní ìpínrọ̀ ìkẹyìn nìkan kà. Ẹ bi í léèrè ibi tí ẹ ń lọ, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́kọ́ ṣe àti àwọn tí ẹ fẹ́ bá ṣe é. Èyí tí kò bá rí dáhùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ padà lọ kọ ọ́ sí i.