Ariwo, Apá Díìsìkì àti Ìṣirò tí Kò Gbẹ̀bẹ̀

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, báńkì ING ní ìlú Bukarẹ́sìtì, lórílẹ̀-èdè Románíà, dán ètò ìpaná wò nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n kó àwọn kọ̀ǹpútà wọn sí. Iná kankan kò jó. Gáàsì tí kì í ba ẹ̀rọ jẹ́ ni wọ́n tú sínú gbọ̀ngàn náà láti ẹnu páìpù. Àmọ́ agbára tí gáàsì náà fi tú jáde ju bí wọ́n ṣe rò lọ, ariwo rẹ̀ sì kọjá 130 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì. Ariwo yìí ló ba ọ̀pọ̀ háàdì díìsìkì jẹ́. Fún bíi wákàtí 10, àwọn oníbàárà kò rí káàdì ná, wọn kò rí owó gbà lẹ́nu ẹ̀rọ.

Báwo ni ariwo lásán ṣe lè ṣe ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn báyìí?

Inú háàdì díìsìkì ni ìdáhùn wà. Àwo pẹrẹsẹ ló ń yí níbẹ̀. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀, ó ń yí ní ìgbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, tó já sí ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Orí àwo yìí ni wọ́n ń kọ ohun tí kọ̀ǹpútà fẹ́ fi pamọ́ sí, lójú ọ̀nà tóóró tóóró tó yí àárín àwo ká. Nínú díìsìkì òde òní, ìbú ọ̀nà kan kò tó 100 nánómítà, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Apá kékeré kan ló gbé orí tí ń ka ọ̀nà náà dání. Wáyà tí wọ́n ká jọ sáàárín òòfà ló sì ń tì í síwá sẹ́yìn. Wọ́n ti kọ àwọn àmì sójú ọ̀nà náà káàkiri. Nígbàkúùgbà tí orí bá kọjá lórí àmì kan, ọpọlọ díìsìkì á gba nọ́ńbà kan tó ń sọ bí orí ṣe yà kúrò láàárín ọ̀nà tó, á sì pàṣẹ fún wáyà kó tì í padà.

Ìṣirò àṣẹ ìtìpadà yìí kò le rárá. Ká gbà pé nǹkan kan fẹ́ gbọn orí kúrò lójú ọ̀nà ní 100 nánómítà. Ká sì gbà pé agbára àṣẹ náà, tí àwọn ẹnjiníà ń fi L dúró fún, jẹ́ 9. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fún nánómítà kọ̀ọ̀kan tí orí ṣì fi yà, àṣẹ á fi nánómítà 9 tì í padà. Ibo ni orí á wá dúró sí? Kò lè padà sí àárín ọ̀nà gan-an, nítorí bí ó bá ti dé ibẹ̀ kò sí ìyàtọ̀ mọ́, bí kò bá sì sí ìyàtọ̀, kò sí àṣẹ. Ibi tí nǹkan á ti bára mu ni 10: nánómítà 10 ṣẹ́ kù, àṣẹ ti 90 padà, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 100. Ìdá tó ṣẹ́ kù ni àwọn ẹnjiníà ń pè ní S, ìdá tí àṣẹ mú kúrò ni T:

```
S = 1/(1+L)
T = L/(1+L)
S + T = 1
```

Ẹni tó bá wo èyí á ní kí wọ́n kúkú fi kún L, kí S lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo. Bí gbogbo nọ́ńbà tí orí ń gbà bá jẹ́ òótọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n àmì ojú àwo kì í mọ́ délẹ̀délẹ̀, kíkà rẹ̀ sì máa ń ní àṣìṣe. Ní ìgbà mìíràn, orí wà láàárín ọ̀nà gan-an, àmọ́ nọ́ńbà tó wọlé ní ó ti yà ní 100 nánómítà. Àṣẹ á gbà á gbọ́. Pẹ̀lú L kan náà tó jẹ́ 9, á ti orí tó dúró ire kúrò lójú ọ̀nà ní 90 nánómítà. Ìdá 0.9 yẹn ni T. Agbára tó fi ń ṣàtúnṣe ìyapa gidi náà ló fi ń gbọ́ràn sí ìyapa irọ́ lẹ́nu.

Ojú yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti so. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, ìgbọ̀n gidi àti àṣìṣe ìkà sì ti pò pọ̀ nínú rẹ̀. Àṣẹ kò ní ọ̀nà kankan láti yà wọ́n sọ́tọ̀ bí àwọn méjèèjì bá ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ní iye ìgbà kan náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá gba nọ́ńbà náà gbọ́, àṣìṣe wọlé. Bí kò bá gbà á gbọ́, ìgbọ̀n ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá fẹ́ kí S jẹ́ 0.1, kí T náà sì jẹ́ 0.1, ń bẹ̀bẹ̀ pé kí 0.2 di 1. Kò sí ẹ̀rọ olówó gọbọi tàbí ẹnjiníà olóye tó lè ṣe é.

Ohun tó jẹ́ kí díìsìkì ṣiṣẹ́ ni pé S àti T kì í dúró sójú kan. Wọ́n ń yí padà bí ìgbọ̀n ṣe ń yára sí i. Àwo tí àárín rẹ̀ kò bọ́ sójú gan-an á mú kí ọ̀nà máa fì ní ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, orí sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Níbẹ̀, S ni wọ́n fẹ́ kó kéré. Níbi ìgbọ̀n tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú àáyá, apá fúnra rẹ̀ ń jó bí ọ̀pá tí a fìka ta, bí ó sì ṣe ń jó ń yí padà pẹ̀lú ooru, ó tún yàtọ̀ láti díìsìkì kan sí èkejì. Àṣẹ tó bá lágbára níbẹ̀ lè máa fi kún ijó náà títí orí á fi kọjá ọ̀nà rẹ̀ pátápátá. Níbẹ̀, T ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, wọ́n lè ṣe díìsìkì kan kí L rẹ̀ jẹ́ 10 níbi ìgbọ̀n 120, kó máa dínkù títí á fi di 1 níbi 1,200, kó sì ku 0.2 níbi 6,000.

Àárín, níbi 1,200, ni ewu wà. Ẹnikẹ́ni á rò pé bí L bá jẹ́ 1, S àti T á pín in lọ́gbọọgba, 0.5 àti 0.5. Kì í rí bẹ́ẹ̀, nítorí àṣẹ kì í dé lójú ẹsẹ̀. S àti T kì í ṣe iye nìkan, wọ́n tún ní ìgbà tí wọ́n ń dé. Ìdí nìyí tí àwọn ẹnjiníà fi ń yà wọ́n bí ọfà, tó ní gígùn, tó sì ní ibi tó kọjú sí. Ọfà méjèèjì tí a bá so pọ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Bí àṣẹ bá fi ìdá mẹ́rin ìgbọ̀n kan pẹ́, ọfà S á kọjú sókè díẹ̀, ọfà T á kọjú sísàlẹ̀ díẹ̀. Apá tó lọ sókè á pa apá tó lọ sísàlẹ̀ rẹ́, èyí tó ṣẹ́ kù á jẹ́ 1, ṣùgbọ́n gígùn ọfà kọ̀ọ̀kan á ti di 0.71. Gígùn méjèèjì tí a bá rò pọ̀ lè ju 1 lọ, kò lè dín sí i láé.

Ó tún lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ìdádúró náà fi nǹkan bí 0.14 mìlísẹ́kọ́ńdì lé sí i, bóyá nítorí pé ìṣirò inú díìsìkì pẹ́ díẹ̀. Níbi ìgbọ̀n 1,200, gígùn S á di 1.93, ti T náà á di 1.93. Ìgbọ̀n tó bá wọlé níbẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, àṣìṣe ìkà náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Àṣẹ tí wọ́n ṣe láti gba orí sílẹ̀ ti wá ń dá kún ìyapa rẹ̀, torí pé ìgbà tí ìtìpadà fi máa dé, ìgbọ̀n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí ibòmíràn. Díìsìkì tó bá sì wà lójú kan láìsí àṣẹ ì bá yà ní ìwọ̀n ìgbọ̀n náà lásán.

Ariwo tó lágbára kún fún irú ìgbọ̀n yìí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ìparí ọdún 2008, Brendan Gregg, ẹnjiníà kan ní ilé iṣẹ́ Sun Microsystems, fi èyí hàn nínú fídíò kan. Ó dúró síwájú àpótí tí díìsìkì kún inú rẹ̀, ó sì pariwo mọ́ wọn gan-an. Lójú ẹsẹ̀, àwòrán ojú kọ̀ǹpútà fi hàn pé àwọn díìsìkì náà ń pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Orí tó bá ti yà gbọ́dọ̀ dúró kí àwo yí dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó kọ̀wé, ìyípo kan sì ń gba ju mìlísẹ́kọ́ńdì 8 lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbọ̀n ló ń dá díìsìkì òun dúró, irú ìpẹ́ tó ń wá tó ń lọ pẹ̀lú ariwo yìí ni kó wá.

Kí ló dé tí wọn kò lè fa S sílẹ̀ títí kọjá 1,200? Hendrik Bode, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, ti gbé ìdáhùn rẹ̀ jáde nínú ìwé rẹ̀ ọdún 1945. S + T = 1 ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbọ̀n kan lẹ́ẹ̀kan. Ìṣirò ti Bode ń wo gbogbo wọn pọ̀, ó sì fi hàn pé nínú irú ẹ̀rọ báyìí, bí wọ́n bá tẹ S mọ́lẹ̀ níbì kan, ó gbọ́dọ̀ ga ju 1 lọ níbòmíràn. Gunter Stein, ẹnjiníà Honeywell, ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1989 gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀: iyẹ̀pẹ̀ tó wà kúrò níbì kan kò ní ṣàì di òkìtì níbòmíràn, ibi tí òkìtì á wà nìkan ni agbẹ́lẹ̀ lè yàn.

Ọ̀nà àbáyọ tí àwọn tó ń ṣe díìsìkì rí ni kí wọ́n fún àṣẹ ní nọ́ńbà kejì. Nínú ọ̀pọ̀ díìsìkì tí wọ́n ń ṣe fún gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà ńlá, wọ́n máa ń so àwọn ohun èlò kéékèèké tó ń mọ ìgbọ̀n mọ́ ara díìsìkì. Wọ́n ń gbọ́ ìgbọ̀n àpótí láti ẹ̀gbẹ́, ọpọlọ díìsìkì á sì ti apá síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún kí ìyapa tó hàn lójú ọ̀nà. Èyí kò rú òfin S + T = 1, nítorí òfin náà de nọ́ńbà tó ń yípo láti orí padà sí apá, kò de ìròyìn tó gba ọ̀nà mìíràn wọlé.

Àmọ́ ohun èlò yẹn kò lè gbọ́ afẹ́fẹ́ inú díìsìkì fúnra rẹ̀, tí àwo tó ń sáré ń rú sókè, tó ń lu apá níbí lu ibẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ bí yóò ṣe lù ú tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni ilé iṣẹ́ HGST ṣe gbé díìsìkì tí wọ́n dí pa, tí wọ́n fi gáàsì hílíọ́ọ̀mù kún dípò afẹ́fẹ́, jáde ní ọdún 2013. Hílíọ́ọ̀mù fúyẹ́ tó ìdá kan nínú méje afẹ́fẹ́, ìlù rẹ̀ lára apá sì kéré gan-an. Wọn kò dín S kù, wọn kò dín T kù. Ìgbọ̀n tí S máa mú lọ́po ni wọ́n dín kù kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.