Èsì fún Àwòrán Ṣọ́ọ̀bù Tuntun

Ẹni tó fi àwòrán ṣọ́ọ̀bù tuntun ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù, tí kò kọ ju "Ẹ wò ó" lọ, kì í ṣe pé kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ojú ló ń tì í láti yin ara rẹ̀, ó wá fi ìyìn sílẹ̀ fún ẹni tó ń wò ó. Ìdí nìyẹn tí àtàǹpàkò kan ṣoṣo, tàbí àdúrà gígùn tó ti kárí ilé kárí oko, kì í fi í tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò hàn níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni wo àwòrán náà.

Ká mú ọ̀dọ́mọbìnrin onídìrí kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ̀ọ̀mù, tó fi àwòrán ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò ìyá rẹ̀. Dígí ńlá kan wà lára ògiri, àga mẹ́ta wà níwájú rẹ̀, pátákó sì wà lókè ilẹ̀kùn. Àǹtí rẹ̀ lè dá a lóhùn báyìí:

"Háà! Ojú gbooro o! Dígí yìí mà tóbi o, gbogbo inú ṣọ́ọ̀bù ló ń tàn yanran. Ọ̀dà ara ògiri yẹn náà wù mí, ṣé ìwọ lo mú un? Kú oríire, ọmọ mi. Èrò á máa wọ́ tì ọ́. Ọjọ́ wo lo máa ṣí i, kí n tètè wá gba àga àkọ́kọ́?"

"Ojú gbooro" ni wọ́n fi ń kí onídìrí, òun náà á sì dáhùn pé "Òòyà á yà á". Kíkí i bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ó ti kúrò ní ọmọ iṣẹ́, ó ti di ọ̀gá. Tó bá jẹ́ ọjà ló ń tà, "Ajé á wọ igbá" ló yẹ ẹ́. Dígí àti ọ̀dà tí àǹtí dárúkọ jẹ́rìí pé ó wò ó dáadáa, ìbéèrè rẹ̀ sì ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ojú ń tì. Tó bá jẹ́ àgbà ló ni ṣọ́ọ̀bù, "ẹ" ló kàn: "Ẹ kú oríire, mà."

Nígbà mìíràn, àwòrán kì í sọ ẹni tó ni ín. Ó lè jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, tàbí èyí tó ṣì fẹ́ gbà. "Ṣé tìẹ nìyí?" ló yẹ kó ṣáájú àdúrà, kí wọ́n sì fi ọ̀yàyà bi í. Bó bá ṣe pé káfíńtà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, "Kú ìdáwọ́lé, wàá bá wọn parí ẹ̀" ló bá a mu jù.

Iye owó ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni "ìgbà wo lo máa dirun fún mi lọ́fẹ̀ẹ́?" kò bójú mu, kódà tó bá jẹ́ àwàdà. Àṣìkọ lára pátákó nìkan ni kò ṣeé fi falẹ̀. Kí wọ́n pè é sẹ́yìn, kí wọ́n sọ fún òun nìkan, kí ẹni tó kọ pátákó náà tó gba ìyókù owó rẹ̀.