Ohun Ẹlẹ́mìí Inú Ògì àti Yógọ́ọ̀tì: Iṣẹ́ Tí Wọ́n Ń Ṣe àti Ìlérí Tí Ó Ní Ẹ̀rí

Níbikíbi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ kíkan, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ di àríyànjiyàn. Àwọn kan gbà pé ohun ẹlẹ́mìí tí ó wà nínú ògì àti yógọ́ọ̀tì ni ó ń lé àrùn jáde nínú ikùn. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ ọlọ́jà lásán ni. Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà la ìjà náà. Ẹ jẹ́ kí á bi oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan ṣoṣo: nígbà wo ni ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀? Ṣé kí oúnjẹ náà tó dé ẹnu ni, àbí lẹ́yìn tí ó bá ti wọ inú? Ìdáhùn ti ògì yàtọ̀ sí ti yógọ́ọ̀tì, orí ìyàtọ̀ yìí sì ni ohun gbogbo dá lé.

Bí ògì ṣe ń kan

Ẹni tí ó ń ṣe ògì kì í bu ohunkóhun sí i kí ó tó kan. Yóò ṣa àgbàdo, yóò rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta, yóò lọ̀ ọ́, yóò sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Eèrí yóò kù sórí asẹ́, ògì yóò silẹ̀ sí ìdí ìkòkò, omi rẹ̀ yóò sì tòrò sí òkè. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó ń mú un kan ti wà lára àgbàdo, lára ọlọ, lára asẹ́ àti nínú ìkòkò tí a ti fi ṣe ògì tẹ́lẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, onírúurú kòkòrò ni ó máa ń pọ̀ sí i nínú omi náà, èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára. Ní ọdún 1970, Akínrèlé, tí ó ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Òṣòdì, tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ lórí ògì jáde. Ó fi hàn pé bakitéríà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lakitobásílọ́ọ̀sì púlántárọ́ọ̀mù ni aṣáájú nínú àwọn tí ó ń mú ògì kan, tí àwọn ìwúkàrà kan sì ń fi òórùn àti adùn ti wọn kún un. Bakitéríà yìí ń jẹ ṣúgà inú àgbàdo, ó sì ń sọ ọ́ di ásíìdì láátíìkì. Bí ásíìdì náà ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọn kòkòrò yòókù ń rẹ̀yìn, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn kò lè fara da ìkan bẹ́ẹ̀.

Òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí nǹkan ti kan tó ni pH. Bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i ni nọ́ḿbà yìí ń lọ sílẹ̀. Ti àgbàdo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ máa ń súnmọ́ 6. Ti ògì tí ó kan dáadáa máa ń wà ní abẹ́ 4. Ní irú ìkan bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru kò lè pọ̀ sí i mọ́. Ìdí nìyí tí ògì tútù fi lè wà nínú ìkòkò fún ọjọ́ díẹ̀ láìbàjẹ́, bí a bá ń pààrọ̀ omi rẹ̀. Ògì tí iṣẹ́ ń lọ déédéé nínú rẹ̀ ń rú èéfọ́ kéékèèké, òórùn rẹ̀ sì ń kan sí imú. Èyí tí ó bá ń rùn bí ohun jíjẹrà, tí ó ń yọ̀, tàbí tí ó hu ewú pupa tàbí dúdú, kòkòrò mìíràn ti gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn olóore. Dídà nù ló yẹ ẹ́.

Nígbà tí iná bá dé

A kì í mu ògì ní tútù bí a ṣe ń mu omi. A ń fi omi gbígbóná pò ó tàbí kí a ro ó lórí iná di ẹ̀kọ. Bí ẹ̀kọ bá ti hó dáadáa, àwọn bakitéríà tí ó mú un kan ti kú. Nítorí náà, ẹni tí ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná kò mu ohun ẹlẹ́mìí kankan tí ó pọ̀ tó láti ṣe iṣẹ́ nínú ikùn rẹ̀. Ohun tí ó ń mu ni èso iṣẹ́ àwọn tí ó ti kú.

Èso yẹn kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ásíìdì náà ṣì wà nínú ẹ̀kọ lẹ́yìn iná. Bákan náà, kíkan ń dín èròjà kan tí ń jẹ́ fáítéètì kù nínú àgbàdo. Èròjà yìí ni ó máa ń di irin inú oúnjẹ mú tí ara kò fi ní rí i lò. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára kíkan mọ. Bí àgbàdo bá ti hu ewú kí a tó rẹ ẹ́, oró tí ewú náà fi sílẹ̀ lè wà níbẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn kíkan àti lẹ́yìn iná. Bí a bá sì ti fi omi púpọ̀ àti wàrà lú ẹ̀kọ ọmọ, tí a gbé e kalẹ̀ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, ìkan rẹ̀ ti dín kù, ṣíbí ìdọ̀tí kan sì tó láti kó àrùn wọ inú rẹ̀.

Yógọ́ọ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀

Ẹni tí ó ń ṣe yógọ́ọ̀tì kọ́kọ́ ń gbé wàrà kaná títí yóò fi gbóná tó 80 sí 85 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́sìọ́ọ̀sì, kí àwọn kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Yóò wá jẹ́ kí ó tutù dé nǹkan bí 43, yóò sì bu ìwọ̀nba yógọ́ọ̀tì àná sí i. Bakitéríà méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀: Lakitobásílọ́ọ̀sì bọ̀lìgáríkọ́ọ̀sì àti Sitirẹputokókọ́ọ̀sì tamofílọ́ọ̀sì. Ọ̀kan ń pèsè ohun tí èkejì nílò láti dàgbà. Láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, pH wàrà náà yóò lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 4.5, yóò sì dì. Láti ìgbà yẹn títí dé ẹnu, iná kò tún kàn án mọ́, àfi bí ilé-iṣẹ́ kan bá tún gbé e kaná kí ó má baà tètè bàjẹ́. Irú èyí tí a tún gbé kaná bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹ̀kọ: ó kan, ṣùgbọ́n ó ti kú.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èyí tí ó wà láàyè lè bu ṣíbí kan nínú rẹ̀ sínú wàrà tí a ti sè tí ó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó wé e sí ibi tí yóò móoru. Bí wàrà náà bá dì ní ọjọ́ kejì, ohun ẹlẹ́mìí wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kò sọ iye wọn o, kò sì sọ pé wọ́n ń wo àrùn kankan.

Ìlérí kan tí ẹ̀rí gbé dúró

Ní ọdún 1971, Kréṣímà, Olíkóyè Ransome-Kútì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ṣe ń da ṣúgà inú wàrà, tí à ń pè ní láátóòsì. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àgbàlagbà Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò kò lè dà á, nígbà tí ti àwọn Fúlàní darandaran sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí ni pé ẹ́ńsáìmù tí ń gé láátóòsì sí wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú ìfun ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n ó ń dín kù bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dàgbà. Láátóòsì tí kò dà yóò ṣàn dé ìfun ńlá. Àwọn bakitéríà ibẹ̀ yóò fi ṣe oúnjẹ, inú yóò máa kùn, yóò wú, ìgbẹ́ gbuuru sì lè tẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ háídírójìn tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ń gba inú ẹ̀jẹ̀ jáde pẹ̀lú èémí, a sì lè wọ̀n ọ́.

Ọ̀nà yìí ni àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà lò nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1984. Wọ́n fún àwọn tí kò lè da láátóòsì ní gíráàmù 18 rẹ̀ nínú wàrà ní ìgbà kan, àti ìwọ̀n kan náà nínú yógọ́ọ̀tì ní ìgbà mìíràn. Háídírójìn tí ó jáde lẹ́yìn yógọ́ọ̀tì kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti wàrà lọ, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru sì dín kù. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn bakitéríà yógọ́ọ̀tì ní irú ẹ́ńsáìmù yẹn nínú ara wọn. Awọ ara wọn ń dáàbò bò ó nínú ikùn; nígbà tí wọ́n bá dé ìfun kékeré, omi òróòro ń tú wọn, ẹ́ńsáìmù náà ń jáde, ó sì ń gé láátóòsì tí wọ́n bá wá. Bí a bá ti fi iná pa wọ́n tẹ́lẹ̀, púpọ̀ nínú àǹfààní yìí ti lọ.

Nítorí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, àjọ tí ń rí sí ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí ìlérí yìí ní 2010, ṣùgbọ́n wọ́n fi òté lé e: gíráàmù yógọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù bakitéríà ààyè.

Ibi tí ẹ̀rí dúró sí lórí ìgbẹ́ gbuuru

Ní 2001, àwọn amòye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé pè jọ sọ ohun tí puróbáyótíìkì jẹ́: ohun ẹlẹ́mìí tí ó ń ṣe ara ní àǹfààní bí a bá lò ó ní ìwọ̀n tí ó tó. Ohun tí èyí ń béèrè ni pé kí a dárúkọ ẹ̀yà bakitéríà náà, kí a sọ iye rẹ̀, kí a sì sọ àrùn tí a dán an wò fún. Ohun kan lè ṣiṣẹ́ fún àìsàn kan kí ó má ṣiṣẹ́ fún òmíràn. Ẹ̀yà Lakitobásílọ́ọ̀sì kan tí a ń tà káàkiri ní ẹ̀rí pé ó ń dín ìgbẹ́ gbuuru tí oògùn apakòkòrò ń fà kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fún àwọn ọmọdé ní ẹ̀yà yìí kan náà nínú ìdánwò tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2018, èyí tí ọmọ 971 tí ìgbẹ́ gbuuru òjijì ń ṣe kópa nínú rẹ̀, ìgbẹ́ náà pẹ́ tó nǹkan bí àádọ́ta wákàtí nínú àwọn tí ó gbà á àti àwọn tí kò gbà á. Fún àwọn ọmọ tí a bí kí oṣù wọn tó pé, irú ohun ẹlẹ́mìí bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ kí ó di àrùn.

Ojú yìí ni ó yẹ kí a fi wo omi ògì tí àwọn ìyá kan máa ń fún ọmọ tí ìgbẹ́ ń yà. Omi ògì tí a kò gbé kaná ní ohun ẹlẹ́mìí nínú ní tòótọ́. Ní 1994, Olúkòyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà ròyìn ògì kan tí wọ́n pè ní Dógíkì, èyí tí wọ́n fi bakitéríà tí ó lè bá àwọn kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru jà ṣe. Ìlànà tí ó ṣe é gbà gbọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí kòkòrò kú nínú àwo àyẹ̀wò kò ì tí ì jẹ́ kí ọmọ sàn. Bẹ́ẹ̀ ni omi ògì ilé kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì, kò sì sí ẹni tí ó mọ omi tí a fi sẹ́ ẹ. Ohun tí ń pa ọmọ tí ìgbẹ́ ń yà ni omi àti iyọ̀ tí ara rẹ̀ ń pàdánù. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a pò ní ìwọ̀n tí ó tọ́, pẹ̀lú ṣíńkì àti ọmú ìyá, ni ẹ̀rí gbé dúró. Omi ògì kò lè rọ́pò wọn. Ẹ̀kọ tí a sè dáadáa, tí a sì fún ọmọ tí ó ti tó oúnjẹ jẹ ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ní àyè tirẹ̀: oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn.