Kí Nẹ́tíwọọ̀kì Tó Lọ

"Àǹtí, kò sí èyí tó ṣí nínú wọn." Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn nígbà tó pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ìdánwò JAMB ló ń múra sílẹ̀ fún. Ìlú kékeré kan ní Òkè-Ògùn ló ń gbé. Bí iná bá lọ níbẹ̀, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó dé, dátà kì í sì í lọ dáadáa. Ìpè nìkan ló ń wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní Àbámẹ́ta tó ṣáájú, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú tí nẹ́tíwọọ̀kì ti já gaara, ó sì kó ohun tí yóò fi kàwé lọ́sẹ̀ náà jọ, ní èrò tirẹ̀.

Mo ní kó ka ohun tó kó jọ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Líǹkì tí olùkọ́ fi sórí wásáàpù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àdírẹ́sì ilé ni líǹkì, ilé kò sí nínú rẹ̀. Àwọn ojú ìwé tó ṣí sílẹ̀ nínú Chrome ló kù. Bí ààyè bá há mọ́ fóònù, yóò gbé irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ jù nù, ìgbà tí a bá sì padà sí i, yóò fẹ́ tún un mú wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Láti ìgbà náà, ó ní iṣẹ́ kan tó máa ń ṣe kó tó wọ ọkọ̀ padà sílé. Á tan Airplane mode, á sì ṣí gbogbo ohun tó kó jọ. Tó bá jẹ́ PDF ni, á yí i dé ojú ìwé tó kẹ́yìn, torí fáìlì tí nẹ́tíwọọ̀kì gé sáàárín lè má ṣí rárá. Èyí tó bá kọ̀, á tún un fà níbẹ̀ gan-an, nígbà tí nẹ́tíwọọ̀kì ṣì wà.

Áàpù ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Kiwix, tó máa ń gbé odindi Wikipéédíà sórí fóònù. Ti èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú gbogbo àwòrán rẹ̀ ju 100 GB lọ, fóònù wa kò lè gbà á. Ṣùgbọ́n wọ́n tún gé e sí kékeré. Bí ẹ bá rí `nopic` nínú orúkọ fáìlì, kò ní àwòrán. Bí ẹ bá rí `mini`, ìbẹ̀rẹ̀ àròkọ kọ̀ọ̀kan nìkan ló wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Kẹ́mísìrì nìkan ni ọmọ wa mú. Ẹ ṣọ́ra fún mẹ́mọ́rì káàdì o: 32 GB àti èyí tó kéré sí i sábà máa ń wà ní FAT32, tí kì í gba fáìlì kan tó bá ju 4 GB lọ, bí ààyè tilẹ̀ kù rẹpẹtẹ. Ẹlòmíràn á ti fi dátà ṣòfò kó tó mọ̀.

Iná ńkọ́? Páwà báńkì 10,000 mAh kì í kún fóònù 5,000 mAh lẹ́ẹ̀mejì. Bátìrì inú rẹ̀ ni wọ́n fi ka iye yẹn, ní nǹkan bíi fóòtì 3.7. Kó tó jáde ní fóòtì 5, iye náà ti dínkù, ooru sì tún jẹ nínú rẹ̀. Bíi 6,000 ló máa ń kù: ẹ̀ẹ̀kan àti díẹ̀ lé. Níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì kò bá sì dára, fóònù kì í sinmi, wíwá ló ń wá òpó kiri, bátìrì ló sì ń jẹ. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń fi Airplane mode sílẹ̀ títí yóò fi kàwé tán.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìwé àjákọ kékeré tó ń kọ ibi tó ti há sí. Kì í kọ "ẹlẹkitirólísíìsì kò yé mi", torí tó bá kọ bẹ́ẹ̀, wákàtí kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò ní tó o. Ohun tó kọ lọ́jọ́ kan rèé: iná áńpíà 2 kọjá nínú omi sọ́fétì bàbà fún ìṣẹ́jú-àáyá 965, gíráàmù bàbà mélòó ló máa jáde? Ó sọ 2 di púpọ̀ pẹ̀lú 965, ó rí 1930. Ó fi 96,500 pín in, ó rí 0.02. Ó fi 64 sọ ọ́ di púpọ̀, ó rí 1.28. Ìwé sọ pé 0.64. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Kí ló dé tí wọ́n fi pín tèmi sí méjì?"

Kò dúró de Àbámẹ́ta. Lọ́jọ́rú, ó ṣí bàbà nínú Kiwix, ó rí Cu²⁺ níbẹ̀: ẹlẹ́kítíróònù méjì ni bàbà kọ̀ọ̀kan ń gbà kó tó lẹ̀ mọ́ káátóòdù, nítorí náà bàbà tí 0.02 yẹn lè mú jáde kò ju 0.01 lọ. Ó fi bírò fa ìlà sórí ìbéèrè náà.