Ṣé O Mọ̀? Ọmọ Tí Gervaise Kò Mẹ́nu Bà

Ṣé o mọ̀ pé ogún ìwé ìtàn àròsọ ni Émile Zola, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé, fi sọ ìtàn ìdílé kan ṣoṣo? Láti 1871 sí 1893 ni wọ́n jáde. Kí ẹni tó kú nínú ìwé kẹta má baà máa jó nínú ìkeje, ó ní fáìlì fún ìwé kọ̀ọ̀kan, tó ń kọ ọjọ́ orí, ìṣesí àti àrùn ìdílé ẹ̀dá ìtàn sí. Bíbélì ìtàn làwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ń pè é.

Ṣé o mọ̀ pé síbẹ̀síbẹ̀, ọmọ kan bọ́ sọnù? Nínú L'Assommoir (1877), Gervaise alágbàfọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lòun nígbà tóun bí àkọ́bí, àti pé ìkejì dé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Claude àti Étienne nìyẹn. Zola fẹ́ fi Étienne ṣe apànìyàn nínú ìtàn ọkọ̀ ojúurin kan, àmọ́ ó ti kọ́kọ́ lò ó ní Germinal (1885), tó fi í ṣe olórí àwọn awakùsà èédú tó yanṣẹ́ lódì. Ta ló máa wá gbà pé Étienne yìí kan náà ni pípa obìnrin ń wù?

Zola bá bí ọmọ tuntun fún Gervaise. Claude ti wà ní 1842, Étienne ní 1846. 1844 ló fi Jacques sí fún La Bête humaine (1890). Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Jacques yóò jẹ́ nígbà tí Gervaise kó àwọn yòókù lọ sí Páríìsì. Èé ṣe tí a kò rí i níbẹ̀? Zola ní Plassans, ìlú tí wọ́n ti wá, ló kù sí, lọ́dọ̀ ìyá ìsàmì rẹ̀ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìṣirò náà pé. Ọ̀rọ̀ Gervaise nìkan ni kò gbà, ìwé náà sì ti wà lọ́wọ́ òǹkàwé. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ bí "ìkejì" tàbí "àbíkẹ́yìn" ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ kọ sínú fáìlì, pẹ̀lú ojú ìwé tó wà, ṣáájú àwọ̀ ojú ẹnikẹ́ni.

Ṣé o mọ̀ pé Nana, àbúrò wọn, yára dàgbà ju kàlẹ́ńdà lọ? Àtẹ ìran tí Zola tẹ̀ jáde ní 1893 ní 1852 ni wọ́n bí i. Nínú ìwé Nana, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1867, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló yẹ kó jẹ́! Kò sí ọdún tí Zola lè yá: ìjọba Napoléon Kẹta tó fi ìtàn rẹ̀ sí ti ṣubú ní 1870.

Ṣé o sì mọ̀ pé ó fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tó kẹ́yìn? Dókítà Pascal ló ń kọ àṣírí ìdílé jọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó kú tán, ìyá rẹ̀ dáná sun wọ́n kí orúkọ ìdílé má bàjẹ́. Fáìlì Zola gan-an ṣì wà ní ilé ìkàwé ìjọba ní Páríìsì.