Nígbà tí ìpéǹpéjú bá wálẹ̀: ta ni iṣẹ́ abẹ yẹ, ọjọ́ mélòó sì ni ara fi ń san?

Aránṣọ kan wà ní Kétu, ẹni ọdún 61. Fún ọdún mẹ́ta ni àwọn oníbàárà rẹ̀ fi ń bi í léèrè pé: «Màmá, ṣé oorun ń kùn yín ni?» Kì í ṣe oorun. Awọ ìpéǹpéjú rẹ̀ ti òkè ni ó ti rọ̀, tí ó sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi bo ẹ̀gbẹ́ òde ojú rẹ̀ méjèèjì bí aṣọ tí a ta sí ojú fèrèsé. Kí ó tó lè rí ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀ dáadáa, àfi kí ó gbé àgbọ̀n sókè. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, iwájú orí rẹ̀ a máa ro ó, nítorí pé láti òwúrọ̀ ni ó ti ń fi iṣan iwájú orí fa ojú sókè láìmọ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ fún un pé àwọn dókítà máa ń gé irú awọ bẹ́ẹ̀ kúrò ní Kútọnu. Ó mú ọ̀nà pọ̀n, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n dókítà ojú kò mú abẹ lọ́jọ́ náà. Ó ní ìdí tí kò fi ṣe bẹ́ẹ̀: ìpéǹpéjú tí ó wálẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, iṣẹ́ abẹ tí ó sì tọ́ fún oríṣi kan lè ba èkejì jẹ́.

Awọ ni, tàbí iṣan?

Nínú ìpéǹpéjú òkè, iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ń gbé e sókè nígbà tí a bá lajú. Bí ọjọ́ orí ti ń pọ̀ sí i, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè ṣẹlẹ̀. Nígbà mìíràn, iṣan náà le koko, ṣùgbọ́n awọ tí ó bò ó ti pọ̀ jù, ó sì dà sórí irun ìpéǹpéjú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, awọ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí iṣan ti so mọ́ ìpéǹpéjú ti tú díẹ̀, nítorí náà etí ìpéǹpéjú fúnra rẹ̀ ni ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹlòmíràn sì wà tí méjèèjì ń bá jà pọ̀.

Láti mọ̀yàtọ̀, dókítà fi ìka rọra gbé awọ tí ó dà sílẹ̀ náà sókè. Ó tan iná kékeré sí ojú ìyá náà, ó sì wo bí iná náà ṣe ń dán ní àárín ọmọlójú, ìyẹn ihò dúdú kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú ojú. Ó wọn àyè tí ó wà láti ibi tí iná ti ń dán dé etí ìpéǹpéjú òkè. Mìlímítà 4 ni. Lára ẹni tí iṣan rẹ̀ dára, àyè náà máa ń tó mìlímítà 4 sí 5. Bí ó bá jẹ́ 2 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, iṣan ni ó ti rẹ̀. Iṣan ìyá yìí dára. Awọ nìkan ni ó pọ̀ jù.

Dókítà tún fi ọwọ́ tẹ iwájú orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí iṣan ibẹ̀ má bàa ràn án lọ́wọ́, ó sì ní kí ó lajú. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá irun òkè ojú ni ó sọ̀ kalẹ̀ tí ó ń ti awọ síwájú. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, gígé awọ ìpéǹpéjú kò ní yanjú ọ̀rọ̀. Ṣe ni yóò tún fa irun òkè ojú wálẹ̀ sí i.

Ta ni iṣẹ́ abẹ yẹ?

Ẹni tí awọ ń dí lójú lóòótọ́ ni ó yẹ jù. Ọ̀nà kan tí a fi ń mọ èyí rọrùn. Dókítà ní kí ìyá náà tẹjú mọ́ ibì kan, kí ó sì máa sọ ìgbà tí ó bá rí iná kékeré tí ó ń yọ ní òkè àti ní ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi téèpù gbé awọ náà sókè, wọ́n sì tún un ṣe. Ní ìgbà kejì, ìyá náà rí iná púpọ̀ tí kò rí tẹ́lẹ̀. Ohun tí téèpù ṣe fún un yìí ni abẹ náà yóò ṣe.

Ṣùgbọ́n ìyá náà ní ẹ̀sùn mìíràn: kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́ láti ti òwú bọ̀ ọ́. Dókítà sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un pé: «Màmá, abẹ kò ní ṣe ìyẹn fún yín. Àgbà ni ó mú kí ẹ má lè rí ohun tó wà nítòsí. Awò ojú ni ẹ nílò.» Ó kọ awò fún un lọ́jọ́ náà gan-an.

Dókítà tún wo omi ojú rẹ̀. Ó fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan há etí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Omi ojú rin bébà náà dé mìlímítà 14, èyí sì dára. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó 10 ní láti ṣọ́ra, nítorí pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ojú lè má padé tán fún ìgbà díẹ̀, ojú tí ó ti gbẹ tẹ́lẹ̀ yóò sì gbẹ sí i.

Ó yẹ kí àwọn kan dúró ná. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́jú ìyẹn ṣáájú. Ẹni tí ń lo asipirínì tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà. Kò sì gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé nítorí ọkàn rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún un.

Àwọn mìíràn sì wà tí abẹ awọ kò yẹ rárá. Bí ìpéǹpéjú bá dára ní òwúrọ̀, tí ó ń wálẹ̀ bí ọjọ́ ti ń rọ̀, tí ènìyàn sì ń rí ohun kan ní méjì, àìsàn iṣan lè ni. Oògùn ni a fi ń tọ́jú rẹ̀. Bí ìpéǹpéjú kan bá sì ṣàdédé wálẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú orí fífọ́ líle tàbí ọmọlójú kan tí ó tóbi ju èkejì lọ, kí ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ó lè jẹ́ pé nínú orí ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọdé tí a bí pẹ̀lú ìpéǹpéjú tí ó bo ọmọlójú náà kò gbọdọ̀ pẹ́ nílé, nítorí pé ojú tí kò bá rí ìmọ́lẹ̀ dáadáa ní kékeré lè má kọ́ ìríran mọ́.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ

Dókítà fa ìlà sí ìpéǹpéjú ìyá náà nígbà tí ó jókòó, kì í ṣe nígbà tí ó dùbúlẹ̀, nítorí pé awọ máa ń yípò bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀. Ìlà ìsàlẹ̀ wà nínú ìṣẹ́po tí ìpéǹpéjú ní tẹ́lẹ̀, ní nǹkan bí mìlímítà 8 sí etí rẹ̀. Ibẹ̀ ni àpá yóò fara pamọ́ sí. Kí ó tó fa ìlà òkè, ó wọn awọ tí yóò ṣẹ́kù. Láti irun òkè ojú dé irun ìpéǹpéjú, ó kéré tán, mìlímítà 20 gbọ́dọ̀ kù. Aránṣọ náà lóye èyí kíákíá: aṣọ tí a bá gé kù ṣeé tún gé, ṣùgbọ́n èyí tí a bá gé jù kò ṣeé dá padà. Bí awọ kò bá tó, ojú kò ní lè padé nínú oorun.

Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí ń pa ìrora ní ìpéǹpéjú nìkan. Ó wà lójúfò. Wọ́n gé awọ náà, wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n sì fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ rán an. Ojú méjèèjì gba nǹkan bíi wákàtí kan.

Bí ara ṣe ń san

Ìyá náà kò padà sí Kétu lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilé ìbátan rẹ̀ kan ní Kútọnu ni ó sùn. Dókítà ni ó ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ lè ya sẹ́yìn ẹyinjú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà ṣẹlẹ̀. Àmì rẹ̀ ni ìrora tí ń le sí i, ẹyinjú tí ó le tí ó sì ń yọ síta, àti ìríran tí ń ṣókùnkùn. Ẹni tí ó bá rí èyí kò gbọdọ̀ dúró de òwúrọ̀, nítorí pé láàárín wákàtí díẹ̀ ojú lè fọ́ títí láé.

Ọjọ́ kejì ni ojú rẹ̀ wú jù. Ó rò pé nǹkan ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe máa ń rí. Ó ń fi aṣọ mímọ́ tí a rì sínú omi tútù lé ojú fún ìṣẹ́jú 10, léraléra, ó sì ń sùn lórí ìrọ̀rí méjì kí wíwú náà lè rọlẹ̀. Ìpara tí wọ́n fún un mú kí ó máa ríran bàìbàì díẹ̀.

Láti ọjọ́ kẹta, wíwú náà bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ní ọjọ́ keje, wọ́n yọ òwú náà. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sábẹ́ awọ, tí ó mú kí abẹ́ ojú rẹ̀ dúdú, parẹ́ nígbà tí ó fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ojú ọ̀tún san ṣáájú ti òsì. Èyí náà kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu.

Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní ọjọ́ kẹwàá. Ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ru omi, kò sì gbé ẹrù wúwo, nítorí pé ẹrù máa ń ti ẹ̀jẹ̀ sínú ojú. Kò lé tìróò, kò fi àgbo kankan fọ ojú, ó sì ń wọ awò dúdú bí ó bá gun alùpùpù, kí eruku má bàa wọ ọgbẹ́. Bí ọyún bá yọ, tàbí tí pípọ́n àti ìrora bá tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ, àmì pé kòkòrò ti wọ ọgbẹ́ ni, dókítà ni kí a padà sí.

Ní oṣù kan ààbọ̀, ojú rẹ̀ ṣì máa ń wú díẹ̀ ní òwúrọ̀. Àpá náà le lábẹ́ ìka títí di oṣù kẹta. Nígbà tí oṣù kẹfà pé, ó ti rọ̀, ó sì ti wọ inú ìṣẹ́po ìpéǹpéjú. Ẹni tí kò bá mọ̀ kò lè rí i.

Ìyá náà kò gbé àgbọ̀n sókè mọ́ láti wo oníbàárà. Iwájú orí rẹ̀ kò ro ó mọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ṣì ń wá awò ojú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí dókítà ti sọ fún un láti ọjọ́ kìn-ín-ní.